Orúkọ Fọ́tò Ni Kí Ẹ Yí Padà, Ẹ Má Fọwọ́ Kan Ọjọ́ Rẹ̀

Ọdún Ọ̀ṣun kì í tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán tí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbọ̀nà, l'Óṣogbo, fi máa ń kún fún àwọn onífọ́tò. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá lọ́dọọdún. Wọ́n ya fọ́tò ẹgbẹ̀rún méjì, gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ IMG_ àti nọ́ńbà, oníbàárà wá ní kí wọ́n fún òun ní ìgbà tí Arugbá jáde, wọn ò mọ ibi tó wà. Èyí tó burú jù ni pé nọ́ńbà kámẹ́rà á dé 9999, á tún bẹ̀rẹ̀ láti 0001. Kámẹ́rà méjì náà sì lè bí orúkọ kan náà. Ẹ dà wọ́n pọ̀ sínú fódà kan, Windows bi yín bóyá kí ó fi tuntun rọ́pò tàtijọ́, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á, fọ́tò àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ wá bá mi, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yìí ti jẹ fọ́tò mi." Kọ̀ǹpútà kò jẹ ohunkóhun. Ẹ̀yin lẹ fún un láṣẹ.

Káàdì kọ̀ọ̀kan, fódà tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows, kí ẹ fún un ní àṣẹ yìí:

```powershell
cd D:\Osun2024
(Get-ChildItem -File -Filter IMG_*) |
  Rename-Item -NewName {
    $_.LastWriteTime.ToString('yyyy-MM-dd_HHmmss') +
    '_' + $_.BaseName + $_.Extension
  } -WhatIf
```

IMG_4512.JPG tí a yà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 37, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2024, á di 2024-08-09_103720_IMG_4512.JPG. Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ tẹ̀ lé oṣù, nítorí náà wọn á máa to ara wọn bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ ní ìparí. Fọ́tò mẹ́ta lè jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí nọ́ńbà kò bá sí níbẹ̀ wọn á fẹ́ jẹ́ orúkọ kan náà, PowerShell á sì kọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà lára fọ́tò kan. Àkọ́kọ́ wà nínú fọ́tò gan-an, kámẹ́rà ló kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì. Windows ń pè é ní Date taken. Èkejì ni Date modified, òun ni PowerShell ń pè ní LastWriteTime: ìgbà tí a kọ nǹkan sínú fáìlì náà kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni Date created, èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ, torí ọjọ́ tí fáìlì dé orí dísìkì yẹn ló ń sọ. Ẹ ya fọ́tò ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ kó o sórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Ajé, Date created á sọ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá a. Ìdí nìyí tí Date modified fi lè ṣáájú Date created, tí àwọn kan á máa pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé.

Yíyí orúkọ padà kò kan ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé àkọsílẹ̀ dísìkì ni orúkọ wà, kò sí nínú fọ́tò. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé fọ́tò máa ń ṣá bí a bá pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń ba ọjọ́ jẹ́ ni kí ẹ ṣí fọ́tò, kí ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì tún un sèéfù: Date modified di òní lójú ẹsẹ̀. Èyí tó gba orí WhatsApp dé sì sábà máa ń pàdánù ọjọ́ inú rẹ̀, àkókò tí ẹ gbà á sílẹ̀ ni yóò máa gbé kiri. Nítorí náà, fáìlì tó ti inú káàdì wá tààrà ni àṣẹ mi wà fún. Kí ẹ tó lò ó, ẹ ṣí fódà yín sí Details, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí àkọlé òkè, ẹ mú Date taken jáde, kí ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Date modified. Bí àwọn méjèèjì bá bára mu, ẹ máa lọ.

Ní ti ìrù orúkọ, ẹ má fi ọwọ́ yín kọ '.jpg'. $_.Extension á mú èyí tó bá wà níbẹ̀. Ẹnìkan gbé fódà wá fún mi tó ní gbogbo fọ́tò òun ti bàjẹ́; fáìlì CR2 ti kámẹ́rà Canon ni wọ́n, ó ti sọ gbogbo wọn di jpg lórúkọ. Inú rẹ̀ ò yí padà. Mo dá ìrù náà padà, wọ́n ṣí.

-WhatIf tó wà ní ìparí ń jẹ́ kí PowerShell sọ ohun tí yóò ṣe láìtíì ṣe é. Ẹ ka ìlà bíi mẹ́wàá nínú èsì rẹ̀, kí ẹ tó yọ -WhatIf kúrò kí ẹ sì tún àṣẹ náà fún un. Ctrl+Z kò lè dá iṣẹ́ PowerShell padà. Àmì àkámọ́ tó yí Get-ChildItem ká ń jẹ́ kí ó kó gbogbo fáìlì jọ kí ó tó fọwọ́ kan ẹyọ kan. Bí ẹ bá lo *.JPG dípò IMG_* láìsí àkámọ́ náà, fáìlì kan lè kó sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò ka èsì. Ó da àṣẹ kọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọ yyyy-mm-dd. MM ńlá ni oṣù, mm kékeré ni ìṣẹ́jú. Fọ́tò oṣù kẹjọ di 2024-37-09, oṣù kẹtàdínlógójì! (HH náà ni kí ẹ kọ ní ńlá, hh kékeré á sọ aago méjì ọ̀sán di 02, bíi ti òru.) Bí ó bá ti tọ̀ mí wá ní ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú kan ni, torí ọjọ́ tòótọ́ ṣì wà lára fáìlì:

```powershell
(Get-ChildItem -File -Filter *IMG_*) |
  Rename-Item -NewName {
    $_.LastWriteTime.ToString('yyyy-MM-dd_HHmmss') + '_' +
    ($_.BaseName -replace '^.*(?=IMG_)') + $_.Extension
  } -WhatIf
```

Kò wá. Ó gbé e lọ bá ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà, tó ní òun ní ẹ̀rọ tó ń tún ọjọ́ fọ́tò ṣe. Ẹ̀rọ náà ṣí gbogbo fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wọn sèéfù. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi, Date modified ti di ọjọ́ kan náà fún gbogbo wọn, Date taken ṣófo, wọ́n sì ti fọ́mátì káàdì. Ẹnjiníà náà ti gbowó lọ́wọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Inú bí mi ju bí mo ṣe lè kọ síbí lọ.

Nọ́ńbà IMG_ tó kù nídìí orúkọ ni mo fi to wọ́n. A mọ èyí tó ṣáájú èkejì, a mọ ibi tí Arugbá ti jáde nínú wọn. Aago tí ó jáde ni kò sí mọ́.