Ẹ̀dà Méjì Jíìnì RB1: Bí Sẹ́ẹ̀lì Ṣe Ń Pàdánù Ohun Tó Ń Dá A Dúró

Jẹjẹrẹ ojú kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọdé ló máa ń mú. Rẹtinobulasitómà ni orúkọ rẹ̀, inú awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn inú fọ́tò ni àwọn òbí ti máa ń kọ́kọ́ rí i: iná kámẹ́rà á kọ mànà, ọmọlójú kan á pọ́n bó ṣe máa ń rí nínú fọ́tò, ìkejì á funfun. Ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí sì ń gbà yọ. Ó máa ń mú àwọn ọmọ kan ní ojú méjèèjì, kókó tó wà níbẹ̀ lè tó mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún kan. Ní ti àwọn yòókù, ojú kan ni, kókó kan ni, ó sì máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ kó tó hàn.

Ní ọdún 1971, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alfred Knudson kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 48 jọ, ó sì wo ọjọ́ orí tí wọ́n rí àìsàn náà lára olúkúlùkù wọn. Ohun tó rí ni pé ti àwọn ọmọ olójú méjì ń wáyé bí ẹni pé jàǹbá kan péré ni wọ́n ń dúró dè. Ti àwọn olójú kan rí bí ẹni pé jàǹbá méjì gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí kókó tó lè wà. Ó ní jàǹbá méjì náà ni gbogbo wọn nílò, pé ńṣe ni wọ́n kàn bí ọ̀kan mọ́ àwọn olójú méjì. Kò sẹ́ni tó tíì rí jíìnì tí jàǹbá ọ̀hún ń ṣẹlẹ̀ sí lójú nígbà yẹn. Ìṣirò ló fi mọ̀ ọ́n, mo sì gbà pé ìṣirò tó dùn jùlọ nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ nìyẹn.

Jíìnì náà ni RB1, orí kírómósómù kẹtàlá ló wà. Ẹ̀dà méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pín nígbà tí kò yẹ kó pín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà méjì yìí dà bí ọdẹ méjì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan: bí ọ̀kan bá sùn lọ, olè ò tíì ráyè wọlé. Ìdí nìyí tí irú jíìnì báyìí fi yàtọ̀ sí àwọn tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti máa pín. Ní ti àwọn yẹn, ẹ̀dà kan tó bá ya wèrè ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ní ti RB1, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù kan ni ẹ̀dà kan lè bàjẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín, ká sì ní sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù mélòó kan ló ń pín nínú ojú ọmọ kí awọ ẹ̀yìn ojú tó pé. Ọmọ tí wọ́n bí ẹ̀dà kan tó ti bàjẹ́ mọ́ kò nílò ju jàǹbá kan lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i dájúdájú. Èyí bá ohun tí Knudson rí mu: ìpíndọ́gba kókó mẹ́ta lórí ọmọ kan. Ọmọ tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì pé ńkọ́? Inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni jàǹbá méjì gbọ́dọ̀ bọ́ sí, ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Abájọ tí irú rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n, tí kì í sì í ju kókó kan lọ.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í lóye. Bí òbí bá ní ẹ̀dà tó bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì ni pé ọmọ á jogún rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó jogún rẹ̀ ló sì máa ń ní àìsàn náà. Èèyàn á wá rò pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń fa jẹjẹrẹ. Rárá o. Ohun tí ọmọ jogún ni ewu àtiṣubú kíákíá. Inú ojú rẹ̀ gangan ni ẹ̀dà kejì ti ń sọnù.

Báwo ló ṣe ń sọnù? Kì í sábà jẹ́ pé ó tún bàjẹ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín kírómósómù rẹ̀, àṣìṣe lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó jáde pàdánù kírómósómù kẹtàlá tó dára, tàbí kí apá kan rẹ̀ di èyí tó jọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ní 1983 ni wọ́n fi èyí hàn. Wọ́n fi DNA inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wé ti inú kókó. Ní àwọn ibi tí ti bàbá àti ti ìyá ti yàtọ̀ síra lórí kírómósómù yẹn, ẹ̀jẹ̀ fi oríṣi méjì hàn, kókó sì fi oríṣi kan péré hàn. Títí di òní, ọ̀nà yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń gbà mọ̀ pé jíìnì kan tó ń dènà kókó ti lọ.

Ká wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti lọ. Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè pín, ó ní láti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo DNA rẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ E2F ló ń jí àwọn jíìnì tó ń ṣe irinṣẹ́ iṣẹ́ náà dìde. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, purotéènì RB, èyí tí jíìnì RB1 ń ṣe, á di E2F mú, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ara bá nílò sẹ́ẹ̀lì tuntun, a ó rán iṣẹ́ sí i láti ìta pé kó dàgbà. Iṣẹ́ yẹn ló ń ru ẹ́ńsáìmù CDK4 àti CDK6 sókè, àwọn yìí á sì máa lẹ fọ́síféètì mọ́ RB lára títí yóò fi tú E2F sílẹ̀. Bí pípín náà bá parí, a ó bọ́ fọ́síféètì yẹn kúrò, RB á tún di E2F mú. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní RB kò ní ohun tó lè di E2F mú bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìta ì báà wá, ì báà má wá. Bó ṣe parí pípín kan ló lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣaláìní RB bíi tirẹ̀.

Síbẹ̀, èyí nìkan kì í fi gbogbo ìgbà di jẹjẹrẹ. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní rẹtinómà, tí kì í tàn kálẹ̀: àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti pàdánù ẹ̀dà RB1 méjèèjì, wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Ohun mìíràn ṣì gbọ́dọ̀ yí nínú DNA wọn.

Jíìnì náà sì lè wà ní pípé kí iṣẹ́ rẹ̀ sọnù. Fáírọ́ọ̀sì HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ní purotéènì E7, tó ń lẹ̀ mọ́ RB tí yóò fi bàjẹ́. Ẹni tó bá yẹ jíìnì nìkan wò nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ lè máà rí àléébù kankan lára RB1. Ó kan ọ̀rọ̀ oògùn pẹ̀lú. Àwọn oògùn kan wà tó ń dá CDK4 àti CDK6 dúró, tí wọ́n ń lò fún oríṣi jẹjẹrẹ ọmú kan, kí RB lè máa di E2F mú lọ. Bí kókó náà kò bá ní RB mọ́, kò sóhun tí oògùn náà fẹ́ dáàbò bò, kókó á sì máa dàgbà lọ.