Ṣọ́ọ̀bù Ti Pa, Síbẹ̀ Lẹ́tà Owó Orí Ọjà Ò Dáwọ́ Dúró

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì owó orí kì í mọ̀ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Ohun kan ṣoṣo ló ń wò: ṣé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yìí ṣì wà láàyè? Bó bá ṣì wà láàyè, á ṣí sáà tuntun fún un lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, bí wọ́n bá ṣe ṣètò rẹ̀, á sì máa retí ìwé ìṣirò owó orí ọjà, ìyẹn VAT, fún sáà náà. Bí ọjọ́ bá pé tí àyè ìwé náà ṣófo, lẹ́tà á jáde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ka èsì tí oníṣòwò fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kó tó jáde. Ìdí nìyí tí lẹ́tà tuntun fi máa ń dé lẹ́yìn tí èèyàn ti kọ̀wé pé òun ò tajà mọ́.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé tí wọ́n bá ti pa iléeṣẹ́ níbì kan, ó ti pa níbi gbogbo. Wọ́n á lọ pa àkáǹtì báńkì rẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wá fọwọ́ lérán. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ owó orí ọjà dá dúró gedegbe, òun náà sì ní ìwé ìbéèrè tirẹ̀ téèyàn fi ń yọ orúkọ kúrò. Ẹni tó bá pa orúkọ iléeṣẹ́ rẹ́ ṣáájú tún lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà mìíràn: iléeṣẹ́ tí kò sí mọ́ lábẹ́ òfin kò ní ọ̀gá tó lè fọwọ́ sí ìwé ìṣirò tàbí kó gba owó tí ọ́fíìsì bá fẹ́ dá padà. Owó orí ọjà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ parí, kí orúkọ iléeṣẹ́ àti àkáǹtì báńkì tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń pa ẹnu kọ̀ǹpútà náà mọ́ ni ọjọ́ ìparí ìforúkọsílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ti tẹ ọjọ́ yìí sínú rẹ̀, sáà tuntun ò ní ṣí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nítorí náà, ọjọ́ tí èèyàn kọ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣì kọ jù. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé ni wọ́n ń béèrè. Kì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà ìkẹyìn ra ọjà náà, bí nǹkan kan bá ṣì wà tí iléeṣẹ́ fẹ́ tà. Títa tábìlì, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ iléeṣẹ́ jẹ́ títa ọjà lójú òfin owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn ti pa.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà, tó ń fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ló tajà fún oníbàárà ìkẹyìn. Ó san owó ilé títí dé ìparí oṣù karùn-ún. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ló ta àga, tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sì kó ìwọ̀nba ọjà tó kù lọ sílé. Ìwé ìṣirò oṣù kẹta ni wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, lẹ́tà mẹ́fà ti dé, láti orí ti oṣù kẹrin dórí ti oṣù kẹsàn-án.

Ojú kan náà ni gbogbo lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Ọjọ́ tó tọ́ láti kọ fún ìparí ìforúkọsílẹ̀ ni ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, ìyẹn ìparí oṣù tí wọ́n ta ohun ìkẹyìn. Lẹ́tà oṣù kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà jẹ́ gbèsè gidi: wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò dá wọn lóhùn, kò sí àlàyé tó lè rọ́pò rẹ̀. Ti oṣù keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án jáde kìkì nítorí pé kò tíì sí ọjọ́ ìparí lórí kọ̀ǹpútà. Bí ọ́fíìsì bá gba ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà wọlé, wọ́n lè pa sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ pẹ̀lú ìtanràn orí wọn.

Ibi tó máa ń já èèyàn láyà ni iye owó tó wà nínú lẹ́tà. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ìwé ìṣirò ò bá dé, ọ́fíìsì a máa fojú bu iye tó yẹ kí iléeṣẹ́ san, wọ́n á wo ohun tó ti ń san bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù yìí ti ń san nǹkan bí 55,000 lóṣù. Oṣù mẹ́fà á jẹ́ 330,000, ìtanràn àti èlé ò tíì dé ibẹ̀. Owó àfojúbù ni. Kì í ṣe ìdájọ́. Ìwé ìṣirò gidi ló ń rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sanwó àfojúbù náà kó lè sinmi ti ṣe ohun méjì tí kò dáa: ó ti san ju bó ti yẹ lọ, sáà náà sì ṣì ṣófo, nítorí owó sísan kì í ṣe ìwé ìṣirò.

Kí wá ni iye gidi? Ká fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò ó, torí ó rọrùn. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ọjà tí wọ́n tà jẹ́ 600,000, owó orí tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ jẹ́ 60,000. Owó orí tí àwọn náà san lórí ohun tí wọ́n rà jẹ́ 22,000. Ó ku 38,000 tí wọ́n máa san.

Oṣù karùn-ún ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Wọn ò ta nǹkan kan, wọ́n á sì sáré kọ òdo síbi gbogbo. Ṣùgbọ́n wọ́n san owó ilé 100,000 lóṣù náà, onílé sì gba owó orí 10,000 lé e. Níbi tí òfin bá ti gbà kí wọ́n yọ irú owó orí yìí, ọ́fíìsì ló jẹ ṣọ́ọ̀bù ní 10,000. Oṣù tí wọn ò tajà kọ́ ni oṣù òdo. Oṣù tí wọn ò tà, tí wọn ò sì ra nǹkan kan tí owó orí wà lórí rẹ̀, ni oṣù òdo. Bó bá sì jẹ́ òdo lóòótọ́, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́, nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà ń wá ni ìwé, kì í ṣe owó.

Oṣù kẹfà ni ìwé ìṣirò ìkẹyìn, ó sì ní ohun kan tí àwọn tó kù ò ní. Àga, tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ ní 300,000, owó orí rẹ̀ jẹ́ 30,000. Ọjà tó kù ńkọ́? Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rà á, ó yọ owó orí tó san lórí rẹ̀, torí pé ó fẹ́ tún un tà. Ní báyìí, ẹni tó ni ín ti kó o lọ sílé. Òfin á ka á sí pé iléeṣẹ́ ta á fún un ní ọjọ́ ìparí. Bí iye rẹ̀ lọ́jọ́ náà bá jẹ́ 250,000, owó orí rẹ̀ jẹ́ 25,000. Iye tó tó lọ́jọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń wò, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ọjà tí wọn ò yọ owó orí kankan lórí rẹ̀ rí kì í sí nínú ìṣirò yìí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún máa ń fojú fo èyí tó kéré: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí owó orí lórí gbogbo ọjà tó kù kò bá ju £1,000 lọ, wọn ò ní béèrè rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù wa bá tún san 50,000 fún oníṣirò owó, pẹ̀lú owó orí 5,000, a ó fi 30,000 kún 25,000, ká yọ 5,000 kúrò, ohun tí oṣù kẹfà máa san á jẹ́ 50,000.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: 38,000, ká yọ 10,000, ká fi 50,000 kún un. Ó jẹ́ 78,000. Èyí ló wà nídìí 330,000 tí lẹ́tà ń pariwo. Ìtanràn pípẹ́ àti èlé lórí oṣù mẹ́ta tó jẹ́ òótọ́ lè má lọ, ṣùgbọ́n èlé tí wọ́n ṣírò lórí owó àfojúbù gbọ́dọ̀ bá a wálẹ̀.

Ìdènà kan wà tó ti tán ọ̀pọ̀ ní sùúrù. Ọ́fíìsì lè sọ pé àwọn ò ní yọ orúkọ kúrò títí gbogbo ìwé tó kù á fi wọlé. Bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbéèrè náà wò, oṣù mìíràn á parí, sáà mìíràn á ṣí, òun náà á sì di "ìwé tó kù". Èèyàn lè máa lé e kiri bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tó ń já okùn yìí ni kí ìwé ìṣirò tó jẹ́ òótọ́ àti ìbéèrè ìyọkúrò wọlé pa pọ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìparí náà gbọnyin síwájú, pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀: ìwé tí onílé fi gba kọ́kọ́rọ́, rìsíìtì títa àga àti tábìlì, ìwé báńkì tó fi hàn pé owó ọjà ò wọlé mọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀ láti gbé ọjọ́ ìparí padà sẹ́yìn, tó ní ọjọ́ tí ìbéèrè dé ọwọ́ àwọn lòún máa lò, ìjà tó yẹ kéèyàn jà kò pọ̀: fi ìwé òdo ránṣẹ́ fún oṣù tó wà láàárín, lábẹ́ àkọlé pé iléeṣẹ́ ti ṣíwọ́, kó o sì kọ̀wé lọ́tọ̀ lórí ìtanràn wọn. Pípẹ́ láti béèrè ni ó sábà máa ń fa irú èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún èèyàn láti sọ pé òun ò tajà mọ́.

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń dáhùn náà ní bó ṣe yẹ kó rí. "A ti pa ṣọ́ọ̀bù wa" kò ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí sáà ló wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí wọ́n dárúkọ sáà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà rẹ̀: oṣù kẹrin, a ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ báyìí, nọ́ńbà ìgbàwọlé rẹ̀ rèé, oṣù keje, ó bọ́ sẹ́yìn ọjọ́ ìparí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pa á rẹ́. Kí wọ́n tún wò ó bóyá ìwé oṣù karùn-ún kò bọ́ sórí sáà oṣù kẹfà, nítorí pé bí wọ́n bá mú sáà tí kò tọ́ lójú òpó, oṣù kan á ní ìwé méjì, èkejì á ṣófo, lẹ́tà á sì máa bọ̀.

Ìwé tó jẹ́rìí pé ọ̀rọ̀ ti parí ni lẹ́tà ìyọkúrò tó ní ọjọ́ ìparí lára. Ìránnilétí tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ti jáde kó tó di pé wọ́n tẹ ọjọ́ náà. Kí wọ́n wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti sáà tó ń béèrè. Bó bá jẹ́ sáà tó wà ṣáájú ọjọ́ ìparí, kì í ṣe lẹ́tà tó ṣìnà o, ìwé ìṣirò kan ló ṣì kù. Kí wọ́n sì tẹ gbogbo ìwé ìṣirò àti àkọsílẹ̀ owó jáde kí ìyọkúrò tó wọlé, torí lẹ́yìn rẹ̀, ojú òpó lè má gba páásíwọọ̀dù wọn mọ́.