Kọ́kọ́rọ́ àti pátíkúlà lọ́wọ́ ẹni kò sọ ọ́ di ọlọ́kọ̀

“Kọ́kọ́rọ́ rèé, pátíkúlà rèé, owó ti lọ, ọkọ̀ ti di tèmi.” Ohun tí àbúrò mi gbà gbọ́ nìyẹn nígbà tó ra Kòrólà alálòkù kan n'Ìbàdàn ní ₦4,200,000. Ọkùnrin tó tà á fún un ló ń fi ọkọ̀ náà kérò. Lásẹ́ńsì àti ínṣọ́ránsì wà nínú àpò ọ̀rá, kò sí ayédèrú nínú wọn. Ó ní báńkì ti ti àkáǹtì òun, kí wọ́n fi owó sí ti ìyàwó òun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọlọ́kọ̀ gan-an dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Áyà pọ́ṣéèsì ló fi gbé ọkọ̀ náà fún awakọ̀ yẹn, kò sì tíì san án tán.

Ẹni tí nǹkan kì í ṣe tirẹ̀ kò lè tà á kó di ti ẹlòmíràn. Bí òfin ọjà títà ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ibi díẹ̀. Inú ọkọ̀ ni lásẹ́ńsì àti ínṣọ́ránsì máa ń wà kí awakọ̀ lè rí wọn fi han ọlọ́pàá, nítorí náà ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń wa ọkọ̀ ni ẹ ti lè bá wọn, ìbáà ṣe dírẹ́bà, ìbáà ṣe mẹkáníìkì. Ìwé tó yẹ kí ẹ béèrè ni ìwé ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní púrúùfù ọ́f ónásíìpù. Orúkọ ọlọ́kọ̀ àti nọ́ńbà ṣásí wà lórí rẹ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni kí ẹ tò síwájú ara wọn: èyí tó wà lórí ìwé yẹn, èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà, àti èyí tó jáde lójú fóònù yín lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má tíì sanwó. Ká ní àbúrò mi ṣe èyí, orúkọ ìyàwó yẹn ì bá ti dá a dúró.

Ẹ wá lọ sídìí ọkọ̀. Ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà ṣásí. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀, kì í sì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q. Kí ẹnì kan máa ka ti ara ọkọ̀ sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kejì máa fọwọ́ tọ ti inú ìwé. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí nvis.frsc.gov.ng ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, kí ẹ wò ó bóyá irú ọkọ̀ náà àti àwọ̀ rẹ̀ bá èyí tó wà níwájú yín mu. Nítorí pé ayédèrú ìwé pọ̀, ẹ mú púrúùfù yẹn lọ sí ọ́fíìsì tó ń fún ọkọ̀ ní lásẹ́ńsì kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Báńkì ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n ti sanwó, kì í ṣe ọgbà mẹkáníìkì. Ẹ fi ₦1,000 ṣáájú. Bí ẹni tó ń tà bá ti rí i nínú àkáǹtì rẹ̀, ẹ fi ìyókù ránṣẹ́, kí ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdí owó. Kí òun náà yẹ iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ wò, kó má gbára lé àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù, nítorí àwọn oníjìbìtì ń ṣe àlẹ́ẹ̀tì èké.

Rìsíìtì nìkan kò tó, nítorí pé owó tó wọlé ló ń sọ. Ìwé àdéhùn ló ń sọ ẹni tó tà, ẹni tó rà, nọ́ńbà ṣásí àti ti ẹ́ńjìnnì, iye owó, àti pé kò sẹ́ni mìíràn tó ní gbèsè tàbí ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ náà. Ẹ ṣe é ní méjì, kí ẹlẹ́rìí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Ẹ má gbàgbé láti kọ aago tí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà: bí ọkọ̀ náà bá gbá èèyàn ní aago mẹ́rin, tí ẹ sì gbà á ní aago méjì, àyè kò ní sí fún àríyànjiyàn lórí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ẹnì kejì tàbí ẹnì kẹta tó ra ọkọ̀ náà làwọn, àwọn kò sì yí orúkọ padà. Ó pọ̀ gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni olè. Ẹ béèrè rìsíìtì àti àdéhùn tó so orúkọ tó wà lórí ìwé mọ́ ẹni tó wà níwájú yín. Bí okùn yẹn bá já níbì kan, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ wá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ọkọ̀, ẹ gba púrúùfù, ìwé nọ́ńbà, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì, àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó tà. Kí àwọn ìwé yìí tó di ẹrù nílé, ẹ gbé wọn lọ yí orúkọ padà. Ní Èkó, MVAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, ni ẹ máa bá. Bí ìwé tuntun bá jáde, ẹ ka nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò lójú fèrèsé wọn.