Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni ohùn òǹkọ̀wé ń bá rìn

Bí olótùú bá fẹ́ tún iṣẹ́ ẹnìkan ṣe láìpa ohùn rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni iṣẹ́ méjì-mẹ́ta tí ẹni náà ti kọ sẹ́yìn. Ti àṣìṣe akọtọ́ ò le, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni èrò pé òwe àti ọ̀rọ̀ ńláńlá tí òǹkọ̀wé fẹ́ràn ni ohùn rẹ̀. Olótùú á fi òwe sílẹ̀ bó ṣe wà, á tún gbogbo ohun tó yí i ká kọ, á wá máa yangàn pé òun ò fọwọ́ kan ohùn oníṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ojú ń fò ló ń tú òǹkọ̀wé fó. Láàárín 1787 sí 1788, Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay kọ àròkọ 85 lórí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Àríyànjiyàn wà fún ìgbà pípẹ́ lórí 12 nínú wọn: ṣé Hamilton ló kọ wọ́n ni àbí Madison? Ní 1964, Frederick Mosteller àti David Wallace fi ìṣirò yanjú rẹ̀, wọ́n ní Madison ni. Wọn ò tẹ̀ lé èrò tàbí àkànlò èdè. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ ni wọ́n kà. Ọ̀kan nínú wọn, tó túmọ̀ sí “lórí”, máa ń jáde bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú 1,000 ọ̀rọ̀ Hamilton, àmọ́ agbára káká ni Madison fi ń lò ó. Kò dájú pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá dà bí aṣọ àtijọ́ tí aránṣọ fi ń mú ìwọ̀n. Aṣọ tí aránṣọ mìíràn ti fún pọ̀ kò wúlò, torí ọwọ́ aránṣọ yẹn ló máa hàn níbẹ̀. Ìyẹn ni pé kí olótùú gba èyí tí olótùú kankan ò tíì fọwọ́ kàn. Aṣọ òde kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́, nítorí náà lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò lè tọ́ni sọ́nà lórí ìtàn. Bí ẹni náà bá sì ti sanra láti ìgbà náà ńkọ́? Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè má bá òǹkọ̀wé mu mọ́.

Ká mú gbólóhùn kan wò. Òǹkọ̀wé kan kọ ọ́ báyìí: “Nígbà tí òjò dá, tí omi sì ti gbẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà, tí àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a jáde, a wá a, a kò rí i.” Olótùú tó ń kánjú á sọ ọ́ di: “Nígbà tí òjò dá, a jáde láti wá a, ṣùgbọ́n a kò rí i.” Ó dán lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ ọ́.

Olótùú tó ní ìtàn mẹ́ta àtijọ́ lọ́wọ́ á kọ́kọ́ wò wọ́n. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òǹkọ̀wé yìí ti ń to ìṣe tẹ̀ léra láìfi ọ̀rọ̀ kankan so wọ́n: ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde. Ìyẹn kì í ṣe àìmọ̀kọ, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. “Ṣùgbọ́n” ò sí nínú ìkankan nínú wọn, “àmọ́” ló ń lò. Àmọ́ “tí… sì ti” alátòpọ̀ yẹn, kò sí níbì kankan. Èyí tó wà nínú gbogbo àpẹẹrẹ jẹ́ ìwà. Èyí tó jẹ́ pé inú iṣẹ́ tuntun nìkan ló wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni. Nítorí náà: “Òjò dá. Omi ti gbẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ti ń jáde. A jáde, a wá a, a kò rí i.”

Ọ̀fìn kejì ni àṣejù. Olótùú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwà òǹkọ̀wé máa ń fẹ́ fi í síbi gbogbo, títí iṣẹ́ náà á fi dà bí ẹni tó ń sín òǹkọ̀wé jẹ. Kíka iye ìgbà tó jáde ló ń tú u fó. Bí ìtòpọ̀ ìṣe yẹn bá ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lójú ewé nínú ìtàn àtijọ́, tó wá di mẹ́rin lójú ewé kan báyìí, mẹ́ta ti di ti olótùú. Kó yọ wọ́n.

Ohun kan ṣẹ́ kù nínú gbólóhùn òjò yẹn. Nínú àwọn ìtàn àtijọ́, “a ò” ni òǹkọ̀wé máa ń kọ, kì í kọ “a kò”. Ó lè jẹ́ pé ó kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ kí àìrí náà lè wúwo. Àpẹẹrẹ ò lè dáhùn èyí. Olótùú á fi “a kò” sílẹ̀, á kọ ìbéèrè sí etí ìwé: “Ṣé ‘a kò’ lẹ fẹ́ níbí, àbí ‘a ò’ bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́?”