Ògiri tó kúrú ni kó kúrò: ìdí tí atọ́ka méjì kì í fi sọ ìdáhùn tó pọ̀ jù nù

Ká ní wọ́n to ògiri tín-ín-rín mẹ́fà sórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí àlàfo mítà kan wà láàárín ìkan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Gíga wọn ní mítà, láti òsì lọ sí ọ̀tún, ni 3, 9, 4, 2, 7, 5. Ìbéèrè náà ni pé: tí a bá mú ògiri méjì péré, tí a ṣe bí ẹni pé àwọn yòókù ò sí níbẹ̀, tí a wá da omi sí àárín wọn, ògiri méjì wo ni yóò gba omi jù? Àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ìbéèrè 11 lórí ìkànnì LeetCode, tí wọ́n pè ní "Container With Most Water".

Bí a ṣe ń wọn omi náà ò le. Tí omi bá ga ju ògiri tó kúrú lọ, á ṣàn dànù níbẹ̀. Nítorí náà, gíga ògiri tó kúrú ni a máa fi sọ àlàfo tó wà láàárín méjèèjì di púpọ̀. Ògiri gíga tó wà ní apá kejì ì báà kan ọ̀run, kò lè fi ẹ̀kán omi kan kún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé tó kù dúró lé.

Ògiri mẹ́fà máa fún wa ní ìsopọ̀ méjì-méjì 15, ìyẹn ṣeé yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ tí ògiri bá di 100,000, ìsopọ̀ náà á di 4,999,950,000, ẹni tó bá sì ní kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo rẹ̀ wò á jókòó dúró pẹ́. Ọ̀nà atọ́ka méjì máa yẹ 99,999 péré wò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Python:

```python
def omi_to_po_ju(h):
    i, j = 0, len(h) - 1
    best = 0
    while i < j:
        best = max(best, min(h[i], h[j]) * (j - i))
        if h[i] < h[j]:
            i += 1
        else:
            j -= 1
    return best
```

`i` ni atọ́ka òsì, `j` ni ti ọ̀tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì, a wọn omi tó wà láàárín wọn, a sì gbé èyí tó wà lórí ògiri tó kúrú wọ inú ní ìṣísẹ̀ kan, títí wọ́n á fi pàdé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún ọ pé a ń gbé ti ògiri tó kúrú torí ó ṣeé ṣe kí èyí tó kàn ga jù ú lọ. Òótọ́ ni pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìrètí lásán nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé èyí tó kàn tún kúrú sí i. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: ògiri tí a fi sílẹ̀ yìí, ǹjẹ́ ó ṣì ní ohun tó lè fún wa?

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí ògiri mẹ́fà wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, atọ́ka òsì wà lórí 3, ti ọ̀tún wà lórí 5, àlàfo wọn jẹ́ 5. Omi náà jẹ́ 3 × 5, ìyẹn 15. A fẹ́ fi ògiri 3 sílẹ̀. Ìsopọ̀ mẹ́rin ló kù tí ògiri 3 yìí ṣì lè wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sì wọn gbogbo wọn: pẹ̀lú 9, omi 3, pẹ̀lú 4, omi 6, pẹ̀lú 2, omi 6, pẹ̀lú 7, omi 12. Kò sí èyí tó tó 15, kò sì lè sí. Nínú gbogbo wọn, omi ò lè ga ju 3 lọ torí ògiri 3 wà níbẹ̀, àlàfo wọn sì kéré sí 5 torí inú ni gbogbo ògiri yòókù wà. Gíga ò lè lé sí i, àlàfo ti dín kù: omi gbọ́dọ̀ dín kù. Ògiri 3 ti fún wa ní gbogbo ohun tó ní lọ́jọ́ tó bá 5 pàdé, a sì ti kọ 15 náà sílẹ̀. Kò sí ohun tí a sọ nù tí a bá lé e lọ.

Ẹ kíyè sí i pé a ò sọ pé ìṣísẹ̀ tó kàn máa dára jù. Ohun tí a sọ ni pé ìdáhùn tó pọ̀ jù ti wà nínú `best`, tàbí kó wà láàárín àwọn ògiri tí atọ́ka méjèèjì ṣì ká mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀. Atọ́ka òsì bọ́ sórí 9: 5 × 4 jẹ́ 20. Ògiri 5 ló kúrú, ó kúrò, ti ọ̀tún bọ́ sórí 7: 7 × 3 jẹ́ 21. Ògiri 7 kúrò, ó kan 2: 2 × 2 jẹ́ 4. Ògiri 2 kúrò, ó kan 4: 4 × 1 jẹ́ 4. Wọ́n pàdé, ìdáhùn wa ni 21. Ìwọ̀n márùn-ún péré la ṣe, àmọ́ ìsopọ̀ 15 la parí ọ̀rọ̀ wọn: ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ parí 5, èyí tó tẹ̀ lé e 4, lẹ́yìn náà 3, 2, àti 1.

Tó bá jẹ́ pé ògiri tó ga la ń lé ńkọ́? Lórí àwọn ògiri kan náà, a máa wọn 15, 12, 6, 4 àti 2, a ó sì máa kéde pé 15 ló pọ̀ jù. Ìgbà tí a lé 5 tí a sì dá 3 dúró ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: ògiri 5 ṣì ní 20 tó lè bá 9 kó jọ, a ò sì wọn ọ́n rí. Ìsopọ̀ 9 pẹ̀lú 7 náà bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Tí méjèèjì bá dọ́gba, èyí tó bá wù ọ́ ni kóo gbé. Kò sí èyí tó lè bá ògiri inú kó omi tó ju èyí tí wọ́n ti kó jọ, torí náà àwọn méjèèjì ti parí iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí kóòdù òkè yìí kò fi ní ìlà pàtàkì kankan fún ìdọ́gba.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń tan èèyàn: kí ètò dúró nígbà tí omi bá dín kù. Dán 2, 1, 10, 10 wò. Ìwọ̀n náà á jẹ́ 6, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 10. Ẹni tó bá dúró ní 2 á gbé 6 lọ sílé. Èkejì ni kí èèyàn fi `j - i + 1` ṣe àlàfo, bí ẹni pé ògiri ló ń kà dípò àyè tó wà láàárín wọn. Fún un ní ògiri méjì péré, 1 àti 1: tó bá dá 2 padà dípò 1, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìbéèrè 42, "Trapping Rain Water", níbi tí ògiri kọ̀ọ̀kan ti fẹ̀ ní mítà kan, tí gbogbo wọn sì dúró sójú kan tí òjò ń rọ̀ sí wọn. Níbẹ̀, ohun tó wà láàárín máa ń gba àyè lọ́wọ́ omi. Àwọn ògiri mẹ́fà wa yìí kan náà, 8 ni ìdáhùn wọn níbẹ̀: 3 lórí ògiri 4, àti 5 lórí ògiri 2.