Ẹ Béèrè Iṣẹ́ Tí Ẹran Náà Ṣe Kí Ẹ Tó Gbé E Kaná

Ìyá kan gbé abọ́ wá bá mi nídìí àtẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹran ojúgun màlúù tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ti jinná, òórùn rẹ̀ sì dára, àmọ́ nígbà tí mo ju ẹyọ kan sẹ́nu, ńṣe ló ń fà bíi rọ́bà.

"Bàbá alápatà, ẹ tọ́ ọ wò. Wákàtí kan gbáko ló ti lò lórí iná. Ẹran tó ti gbó lẹ tà fún mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ gbé e padà sórí iná, ẹ fi omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó máa hó jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì sí i. Bí kò bá rọ̀, ẹ wá gba owó yín."

Inú wọn ò dùn, àmọ́ wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá, wọn ò gbé abọ́ dání mọ́. Wọ́n ní bàbá tó wà nílé wọn ò ní eyín tó pé lẹ́nu, síbẹ̀ bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè òmíràn.

Ẹran náà kò ṣe ohun tó burú. Ìyá kàn gbé e kúrò lórí iná ní àkókò tó yi jù lọ ni. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ìyẹn ṣe jẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ibi tí òun máa ní kí alápatà gé fún òun.

Fọ́nrán ẹran tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lópọ̀ ló para pọ̀ di ẹran tí à ń jẹ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló di àwọn fọ́nrán náà ní ìdì ní ìdì, iṣan ló sì so wọ́n mọ́ eegun. Èròjà tó pọ̀ jù nínú awọ àti iṣan yìí ni wọ́n ń pè ní kọ́lájìn. Ibi tí màlúù bá ti ń lo ara rẹ̀ jù ni kọ́lájìn ti máa ń pọ̀, torí ibẹ̀ ló nílò okùn tó nípọn. Ojúgun ń gbé e rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ọrùn ń gbé orí rẹ̀ sókè sódò bó ṣe ń jẹko. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í sinmi, torí bó bá jẹko tán, á tún máa jẹ àpọ̀jẹ. Ní ti ẹran gígùn tó fara pamọ́ sí inú ikùn lábẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, nítòsí kíndìnrín, tí àwọn kan ń pè ní fílẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tó ń ṣe kéré gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí inú ẹran bá gbóná tó nǹkan bí dígírì 60 sí 65 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì, kọ́lájìn á sún kì. Ó máa fún àwọn fọ́nrán mọ́ra bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù, omi ara ẹran á jáde, ẹran á le. Tí ooru bá kọjá dígírì 70, kọ́lájìn yẹn kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bó bá ṣe ń sún mọ́ 90 ni yíyọ́ náà ń yá sí i, àmọ́ ó ṣì máa gba wákàtí bíi mélòó kan. Ohun tó yọ́ dà ni jẹ́látìn, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni létè, tó sì máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki. Lẹ́yìn wákàtí kan lórí iná, ojúgun ti sún kì tán, àmọ́ yíyọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Ìyá ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bú alápatà.

Bí mo ṣe ń se kílò kan ojúgun nìyí. Mo máa ń gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4 níbùú lóròó, torí tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fọ́ yángá kó tó rọ̀. Màá kọ́kọ́ fi epo díẹ̀ dín ojú rẹ̀ kó lè pọ́n, lẹ́yìn náà ni màá bu omi sí i títí omi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, tí màá sì dé e. Tó bá ti hó, màá dín iná kù títí tó fi jẹ́ pé omi ò ní máa yọ ju ìfófòó kan méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi máa ru gùdù. Bí omi ṣe ń ru kì í mú kó yá, ńṣe ló ń gbo ẹran, tó sì ń mú kí fọ́nrán rẹ̀ gbẹ. Láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, màá ti fọ́ọ̀kì bọ ẹyọ kan, màá sì yí i díẹ̀. Tí ẹran bá gbé fọ́ọ̀kì náà sókè, kò tíì tó. Tó bá là fúnra rẹ̀ tí fọ́ọ̀kì sì yọ wọ́ọ́rọ́, ó ti tó nìyẹn. Ẹ bu omi ẹran náà díẹ̀ sínú ife kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bó bá dì tó ń mì tìtì, ẹ ti fi ojú ara yín rí kọ́lájìn tó yọ́. Ìkòkò tó ń há ooru mọ́ inú máa ń gbóná dé nǹkan bíi dígírì 120, òun sì lè ṣe é láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45.

Àwọn tó rò pé ẹran tó mọ́ lójú ló dára jù fún ìkòkò ló ń ṣe àṣìṣe kejì. Wọ́n á ra itan ẹ̀yìn tí kò ní ọ̀rá tí kò ní iṣan, wọ́n á sè é fún wákàtí mẹ́ta. Ẹran náà á já lóòótọ́, àmọ́ á gbẹ lẹ́nu bí òwú, pẹ̀lú gbogbo omi ọbẹ̀ tó yí i ká. Gbogbo ẹran tó bá pẹ́ lórí iná ni omi ara rẹ̀ ń jáde. Jẹ́látìn ló ń rọ́pò omi yẹn nínú ojúgun, itan ò sì ní kọ́lájìn tó pọ̀ tó láti ṣe irú ẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé funfun tí wọ́n ń sá fún nínú ẹran ìkòkò gan-an ló yẹ kí wọ́n máa wá.

Lórí ààrò yíyan, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré lẹran ń lò níbẹ̀, kọ́lájìn ò sì ní ráyè yọ́. Ẹran ẹ̀yìn ló tọ́ sí ààrò, pàápàá apá tó wà nítòsí ìhà, kí ẹ sì gé e nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ gbé e kúrò lórí iná nígbà tí àárín rẹ̀ bá dé dígírì 63, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán. Tó bá kọjá 70, omi rẹ̀ ti lọ. Ẹran lílọ̀ nìkan ló yẹ kó dé 71, torí ẹ̀rọ ti po kòkòrò tó wà lójú rẹ̀ mọ́ inú.

Ọ̀rá ló máa yọ ẹni tó fẹ́ràn ẹran tó jinná dáadáa. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó tàn káàkiri inú ẹran bí òwú funfun tín-tìn-tín máa ń yọ́ sáàárín fọ́nrán, ẹran tó bá sì ní in kì í tètè gbẹ lẹ́nu. Èyí tó bo ẹ̀yìn ẹran lóde kì í wọnú rárá. Inú iná ló ń kán sí, iná á ké sókè, èéfín dúdú á sì lẹ̀ mọ́ ẹran. Ẹ gé e kù sí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ibi mẹ́ta mẹ́rin. Awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń sún kì, bí ẹ ò bá sì là á, ẹran á ká kò bí abọ́. Ti ẹran àyà yàtọ̀. Ọ̀rá àti kọ́lájìn pọ̀ nínú rẹ̀, ìkòkò ló yẹ ẹ́, àbí ooru jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Fún díndín, ọ̀bẹ ló ń ṣe iṣẹ́ tí iná kò ráyè ṣe. Itan tàbí ìdí màlúù dára. Ẹ gbé e sínú fírísà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kó lè le díẹ̀, kí ẹ wá wo ibi tí fọ́nrán ń lọ, kí ẹ gé e ní ìdábùú, kó fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 3 tàbí 4. Báyìí, kò sí fọ́nrán kan tó gùn ju mìlímítà mẹ́rin yẹn lọ, eyín ò sì ní í já nǹkan kan mọ́. Bí ẹ bá gé e ní òòró, ẹran yẹn kan náà á máa fà. Ẹ fi aṣọ nu ún gbẹ, kí ẹ má sì dà á sínú epo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fetí sí i: ariwo ṣàà ló yẹ kó máa pa. Bí ohùn náà bá lọ sílẹ̀ tí omi sì ń sun jáde, bíbọ̀ lẹ̀ ń bọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ dín ojúgun ní láti kọ́kọ́ sè é títí yóò fi rọ̀, kó sẹ́ ẹ kó gbẹ, kí epo sì kàn pọ́n ọn lójú.

Gbogbo funfun kọ́ ló ń yọ́. Okùn yẹ́lò tó nípọn ní ẹ̀yìn ọrùn àti awọ tó ń dán bíi fàdákà lójú ẹran ní èròjà míì tí wọ́n ń pè ní ẹlásítìnì nínú, kò sì sí iye wákàtí tó lè yọ ọ́. Ẹ ní kí alápatà bó o kúrò. Ẹran màlúù tó ti dàgbà náà máa ń gba àkókò sí i, torí kọ́lájìn rẹ̀ ti so kọ́ra gírígírí. Ẹ má fi ọ̀rá yẹ́lò nìkan mọ̀ ọ́n, koríko náà máa ń sọ ọ̀rá di yẹ́lò. Eegun ni kí ẹ wò: ti ọ̀dọ́ máa ń pọ́n, ó sì máa ń rọ̀ lórí, ti àgbà á funfun, á sì le.

Ibì kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn gan-an: ẹran pẹlẹbẹ tó sùn lé eegun pátákó èjìká. Ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè yan án, àmọ́ awọ líle kan là á láàárín láti orí dé ìdí. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ lé orí awọ yẹn, kí ẹ rọra tẹ̀ lé e lọ, kí ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹran pẹlẹbẹ méjì lẹ máa rí fún ààrò. Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣe wàhálà yẹn, ẹ gé e bó ṣe wà, kí ẹ kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú ojúgun.