Ohun tó ń gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ró

Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tútù tẹ ilẹ̀ símẹ́ńtì gbígbẹ yóò rí i pé ojú ẹsẹ̀ òun kò pé. Gìgísẹ̀ yóò hàn, ìdí àwọn ọmọ ìka yóò hàn, ẹ̀gbẹ́ òde tó so wọ́n pọ̀ náà yóò hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ inú kò ní kan ilẹ̀. Láti lóye ohun tó gbé ibẹ̀ sókè, orí eegun kan ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú eegun 26 tó wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tálọ́ọ̀sì ló jókòó lórí eegun gìgísẹ̀, tí eegun ojúgun sì jókòó lórí òun náà. Kókósẹ̀ méjèèjì tó yọ gọngọ lọ́tùn-ún lósì kì í ṣe ara rẹ̀. Ìdí eegun méjì tó wà nínú ojúgun ni wọ́n, wọ́n sì há tálọ́ọ̀sì sáàárín. Gbogbo ìwúwo ara tó bọ́ sórí ẹsẹ̀ ló ń gba orí rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ kò sí ẹran kankan tó so mọ́ ọn. Ìrísí àwọn eegun tó yí i ká àti iṣan ìdè, ìyẹn iṣan líle tó ń so eegun mọ́ eegun, ló dì í mú.

Orí tálọ́ọ̀sì yọ síwájú kọjá eegun gìgísẹ̀, àlàfo sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Iṣan ìdè kan tó fẹ̀ tó sì nípọn ló dí àlàfo náà, láti eegun gìgísẹ̀ dé eegun tó wà níwájú. Bí èyí bá fà gùn, orí tálọ́ọ̀sì yóò rì, yóò sì yà sínú, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ yóò bá a lọ sílẹ̀.

Nínú ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá ni awọ líle kan ti nà láti ìdí gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka márààrún. Bí ọsán ṣe rí sí ọrun ni awọ yìí rí sí àwọn eegun tó wà lókè rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bí èèyàn bá dúró, ìwúwo ara fẹ́ tẹ́ eegun ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, awọ náà kò sì ní gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ tún pọ̀ sí i nígbà ìrìn. Tí ẹsẹ̀ bá kọ́kọ́ balẹ̀, àárín rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀ kó lè bá ilẹ̀ gbágungbàgun mu. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá wá gbéra, tí ọmọ ìka tẹ̀ sókè, awọ yìí á wé mọ́ ìdí wọn, á sì fa gìgísẹ̀ sún mọ́ iwájú. Àárín ẹsẹ̀ á ga, eegun á há mọ́ra, ẹsẹ̀ á sì le tó láti ti ilẹ̀. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ J. H. Hicks ló ṣàlàyé èyí ní ọdún 1954. Ẹnikẹ́ni lè rí i: kí ẹnì kan dúró, kí ẹlòmíràn rọra gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kó sì máa wo àárín àtẹ́lẹsẹ̀ bó ṣe ń gòkè.

Iṣan ìdè kò lè dá gbogbo ẹrù yìí gbé. Ẹran kan wà lẹ́yìn ojúgun tí okùn rẹ̀ yí gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú, tó sì lọ so mọ́ eegun iwájú tálọ́ọ̀sì. Bí a bá ń rìn, òun ló ń fa àárín ẹsẹ̀ sókè. Ibi tó ti yí yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ibẹ̀ ló sì sábà máa ń gbó sí.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 55 kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Atákúmọ̀sà nílùú Iléṣà, tó sanra, tó ní àtọ̀gbẹ, tó sì ń dúró lórí símẹ́ńtì láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú lọ́tùn-ún á kọ́kọ́ máa dùn ún, ibẹ̀ á wú. Wọ́n á ní ó fẹsẹ̀ rọ́ ni, wọ́n á máa fi òróró wọ́ ọ. Wíwọ́ kò lè mú kí okùn tó ti gbó tún kúrú. Bó bá ń pẹ́, ẹ̀gbẹ́ inú bàtà á máa jẹ ju òde lọ. Bí èèyàn bá dúró sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ìka kan tàbí méjì ló máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, gìgísẹ̀ ọ̀tún á sì ti ṣẹ́ sóde. Èyí tó dájú jù ni pé kó di ògiri mú, kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, kó sì gbé gìgísẹ̀ sókè. Òsì á gbéra, ọ̀tún á kọ̀.

Bó bá tètè dé ilé ìwòsàn ní àsìkò yìí, bíi Wesley Guild tó wà níbẹ̀, wọ́n lè dín ìdúró rẹ̀ kù, kí wọ́n fi ohun tó ń gbé àárín ẹsẹ̀ sínú bàtà rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi eré ìmárale díẹ̀díẹ̀ fún ẹran náà lókun. Bó bá pẹ́ tí oríkèé fi gan, kò sí ohun tí a fi sínú bàtà tó lè tún un gbé dìde mọ́. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ lórí eegun lè wá di ọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kọ́ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kékeré sábà máa ń pẹlẹbẹ nítorí ọ̀rá àti iṣan ìdè tí kò tíì le. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, tí kò dùn ún, tí àárín rẹ̀ sì ń ga bó bá fi ọmọ ìka dúró, kò nílò ìtọ́jú kankan. Èyí tó yẹ ká gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pẹlẹbẹ, pàápàá bó bá ń dunni.